Áláàmù 31, Òótọ́ 2: Ímeèlì Kan Tó Tọ̀ Mí Wá Lẹ́yìn Ọ̀rọ̀ Mi

Iṣẹ́ tí mò ń jẹ ni pé kí ẹ̀rọ má dákẹ́. Ilé iṣẹ́ wa l'Ékòó ló ń bá àwọn oníṣòwò gba owó. Bí ẹ bá fi káàdì sanwó nínú ṣọ́ọ̀bù tí àlẹ́ẹ̀tì ò wọlé, tí ẹni tó ń tajà sì ń wò yín bíi pé ẹ fẹ́ gbé ọjà rẹ̀ sá lọ, àwa ni wọ́n máa ń pè. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Mo máa ń lọ. Kí n sì tó délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ímeèlì á ti máa wọlé.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò yàtọ̀ síra. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára gan-an ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àyè iṣẹ́ wà ní ilé iṣẹ́ yín? Síífí mi rèé." N kì í bínú sí wọn, torí mo mọ bí ìgboro ṣe rí. Àmọ́ kí ni kí n fi dá wọn lóhùn? N ò mọ èwo nínú ohun tí mo sọ ló wọ̀ wọ́n lára. Èmi kọ́ ni mo sì ń gbani síṣẹ́. Lẹ́yìn ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, 19 irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ ló wọlé. Mo fi ìlà kan kan dá 18 lóhùn. Ẹyọ kan tó kù gbà mí ní nǹkan bíi wákàtí kan, nígbà tí mo sì parí ìdáhùn náà, kò dà bíi pé wọ́n fi àkókò mi ṣòfò. Òun ni mo fẹ́ tú síta níhìn-ín.

Kí ó tó yé yín, ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà. Kókó kan ni mo tẹnu mọ́: áláàmù tó bá máa jí èèyàn lóru, ohun tó ń ni oníbàárà lára ni kó máa ṣọ́, kó fi ara ẹ̀rọ sílẹ̀. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀ o. Ó wà nínú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ Google kọ lórí irú iṣẹ́ wa yìí, tó jáde ní 2016. Àpẹẹrẹ tí mo fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE, bàjẹ́ lójú òkun Àbíjàn. Ẹ ó rántí: ìkànnì ilé ìfowópamọ́ ò ṣí, transífà ò lọ, àwọn èèyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà báńkì bíi pé ọjọ́ owó tuntun ni. Ẹni tó bá wo ẹ̀rọ wa láti inú lọ́jọ́ náà á búra pé ara rẹ̀ le koko. Ọpọlọ rẹ̀ ò gbóná, dísíìkì rẹ̀ ò kún. Ara ẹ̀rọ yá, àmọ́ oníbàárà ò rí i dé.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Láago méjìlá òru, ẹ̀rọ wa máa ń ṣírò gbogbo owó ọjọ́ náà pọ̀, ọpọlọ rẹ̀ á sì ṣiṣẹ́ dé 90 nínú 100. Kò sí ẹni tí ìyẹn ń pa lára. Bí ẹ bá ní kí áláàmù máa dún nítorí rẹ̀, ní alẹ́ àkọ́kọ́ ẹ ó fò dìde, ní alẹ́ kejì ẹ ó pòṣé, tó bá di alẹ́ kẹta ẹ ó dojú fóònù dé ilẹ̀. Alẹ́ kẹta yẹn gan-an ni èyí tó jẹ́ òótọ́ máa ń wá.

Sátidé ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ímeèlì náà wọlé, láti ọwọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹ́ kọpurétíìfù kan n'Íbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Mo tú u síbí pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, mo sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Àkọlé tó fún un ni "Áláàmù 31, òótọ́ 2: ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ yín ti Sátidé".

"Ẹ kú iṣẹ́, sà, ẹ sì kú àárẹ̀ Sátidé. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, n ò ráyè dé ọ̀dọ̀ yín.

"Ẹ sọ pé kí áláàmù máa ṣọ́ ohun tó ń ni oníbàárà lára. Sáfà kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa ní, òun ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń wo owó tí wọ́n ti dá, èmi nìkan ni mo sì ń bójú tó o. Nígbà tí mo padà délé, mo ka áláàmù tó dún sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. 31 ni. Nínú wọn, 2 péré ni ọmọ ẹgbẹ́ kankan mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo pa gbogbo wọn, mo fi ẹyọ kan dípò: kí kọ̀ǹpútà mìíràn máa gbìyànjú láti ṣí ojú ìwé ìwọlé wa ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, bí kò bá ṣí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, kó pè mí. Láti ọjọ́ Àìkú títí di àná, ẹ̀ẹ̀kan ló pè mí, òótọ́ sì ni.

"Ibi tó ti rú mi lójú nìyí. Dísíìkì tó kún ló fà á. Ká ní mi ò pa áláàmù àtijọ́, ì bá ti sọ fún mi láàárọ̀. Ṣé dísíìkì yọ sílẹ̀ nínú òfin yín ni, àbí èmi ni mo gbọ́ ọ lódì?

"Ìkejì, mo fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ṣé ọ̀dọ̀ yín máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀? Bí wọn kì í bá gbà, iṣẹ́ wo ni àwọn tó kéré jù láàárín yín ń ṣe kí wọ́n tó débẹ̀? Ìlà kan tó mi. Ẹ ṣeun, sà."

Ó tán. Kò sí síífí lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí ó ṣe yìn mí. Kò sí "ọ̀gá ńlá" níbẹ̀, kò sì pè mí ní àwòkọ́ṣe. Lójú tèmi, ìyìn Yorùbá gidi ló ṣe. Àwa tí a ní kíkí fún ẹni tó jókòó, tí a ní fún ẹni tó dúró, tí a ní fún ẹni tó ń dirun àti ẹni tí òjò pa, a mọ̀ pé kíkí tó bá gbogbo èèyàn mu kò tíì di kíkí. Oríkì náà rí bẹ́ẹ̀. Bí akéwì bá kó ìjàkadì Ọ̀fà fún ọmọ Ìkòyí, onítọ̀hún á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò mọ òun rí. Ẹ mú "ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára" kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí ọ̀sìn adìyẹ, ó bá a mu rẹ́gí. Ẹ gbìyànjú láti fi 31 àti 2 ránṣẹ́ sí i.

Iye méjì yẹn ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Wọ́n fi hàn mí pé ó gbọ́ mi, pé ó lọ dán an wò, àti pé ó mọ nǹkan kà, èyí tó ṣọ̀wọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ láàárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wa. Ẹni tó bá kó áláàmù ọ̀sẹ̀ kan jọ, tó sì pín wọn sí òótọ́ àti irọ́, ti ṣe ohun tí n ò rí kí àwọn kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ṣe.

Àwọn kan máa ń sọ pé alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí èèyàn ti kọ̀wé, kí ọ̀rọ̀ má baà tutù. Èmi ò gbà. Ẹni tó kọ̀wé lálẹ́ ọjọ́ náà kò tíì fi ohun tó gbọ́ ṣe nǹkan kan, nítorí náà kò lè ní ju ìyìn lásán lọ. Bó bá sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, èmi fúnra mi á ti gbàgbé bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Sátidé sí Ọjọ́bọ̀ dára.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù, ihò kan wà nínú ọ̀rọ̀ mi, ó sì ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òótọ́ ni, dísíìkì yọ sílẹ̀, n ò sì sọ ọ́ nítorí pé àsìkò ti ń lọ. Mo dá a lóhùn pé ẹ lè jẹ́ kí áláàmù ṣọ́ ara ẹ̀rọ bí nǹkan méjì bá pé: kí ó dájú pé ibi tí nǹkan náà ń lọ, oníbàárà á jìyà rẹ̀, kí àyè sì ṣì wà láti dá a dúró. Ẹ fi wé garawa tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Garawa tó ti kún dé 80 nínú 100 lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan bí ẹ̀rọ náà bá ti pa. Èyí tó kún dé ìdajì lè ṣàn dànù kí ẹ tó ti ọjà dé bí omi bá ń tú jáde. Áláàmù rẹ̀ àtijọ́ ń dún nígbà tí dísíìkì bá ti dé 80. Ibi tí omi dé ló ń wò, kò wo bó ṣe ń yára sí. Ìdí nìyí tó fi ń parọ́. Mo kọ èyí ránṣẹ́ sí i, fún Prometheus tó fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ rẹ̀:

```
predict_linear(node_filesystem_avail_bytes[6h], 4*3600) < 0
```

Ohun tó ń sọ ni pé: wo bí àyè tó kù lórí dísíìkì ṣe ń dínkù láti wákàtí 6 sẹ́yìn, fa ìlà náà lọ síwájú fún wákàtí 4, bí àyè bá tán kí ìlà náà tó dópin, pè mí. Mo sọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ fún un. Bí nǹkan bá ya lu dísíìkì náà tó kún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlà yẹn ò ní bá a, ìyẹn ni pé kó má pa áláàmù ojú ìwé ìwọlé rẹ̀ o.

Ìbéèrè kejì ló le. Òótọ́ tí kò dùn ún gbọ́ ni pé a kì í gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìgbéraga. Àwa márùn-ún ni. Fóònù áláàmù ń yí láàárín wa, ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí fóònù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ láago mẹ́ta òru, òun nìkan ló wà níwájú ẹ̀rọ tí owó èèyàn wà nínú rẹ̀, àṣẹ kan tó bá tẹ̀ lódì lè sọ ìjàǹbá kékeré di ńlá. Bí a bá gba ẹni tuntun pátápátá, ẹnì kan nínú wa ní láti máa bá a jí fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ilé iṣẹ́ tó ní ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ nídìí rẹ̀ lè ṣe é. Àwa ò lè ṣe é.

Ká ní "ṣé àyè wà?" nìkan ló bi mí, "rárá" ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Ẹ padà wo bí ó ṣe gbé e kalẹ̀: ó fún mi láyè láti sọ rárá, ó sì ti fi ìbéèrè mìíràn dúró dè mí lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Mo kàn ka àwa márùn-ún fún un ni. Méjì nínú wa ń kọ kóòdù tẹ́lẹ̀. Èmi ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wá. Ẹnì kan ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, ojoojúmọ́ ayé ló ń gbọ́ "owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí". Ẹnì kan jókòó fún ọdún méjì ní yàrá ìṣọ́ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí méjì tó kẹ́yìn yìí, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà. Ẹni tó ń gba ẹjọ́ oníbàárà nílé iṣẹ́ owó kì í kàn bẹ̀bẹ̀ lásán. Ó ní láti tọ ipa owó náà nínú àkọsílẹ̀: ṣé báńkì ẹni tó fi ránṣẹ́ ló há sí, ṣé àárín ni, àbí báńkì ẹni tó yẹ kó gbà á? Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti mọ ibi tí ẹ̀rọ wa ti ń dunni ju àwọn tó kọ ọ́ lọ. Ní yàrá ìṣọ́ ẹ̀wẹ̀, ṣíìfù ni wọ́n ń ṣe, ọ̀sán àti òru, ẹni tuntun kì í sì dá wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo ojú pátákó, kó kọ ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀, kó ṣe ìgbésẹ̀ tó wà nínú ìwé, bí kò bá gbọ́, kó jí ọ̀gá. Níbẹ̀, èèyàn lè ṣàṣìṣe láìba ayé jẹ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni orúkọ. Bó bá ń wá orúkọ iṣẹ́ tèmi lórí LinkedIn, ọdún márùn-ún ìrírí ni wọ́n á máa bi í. Mo kọ orúkọ tí ó yẹ kó máa tẹ̀ ránṣẹ́ sí i: `NOC Engineer` àti `Application Support`. Bó bá jẹ́ pé ó ṣì wà nílé ìwé ni, ọ̀nà tó rọrùn jù ni oṣù mẹ́fà Ai-Tí tí ìjọba ti là sílẹ̀ láti 1973, torí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tí kì í gba ẹni tuntun ló ń gba ọmọ Ai-Tí. Ó ti kọjá ìyẹn.

Ẹ lè ní kí ló dé tí kò lọ bá ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ àlejò bíi tèmi ló wá bá. Ọ̀gbẹ́ni Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Ó bi àwọn ọkùnrin kan ní ìlú Newton, lẹ́bàá Boston, tí ẹnì kan ló júwe iṣẹ́ fún wọn, pé báwo ni àwọn àti onítọ̀hún ṣe ń ríra tó nígbà náà. Nǹkan bíi 17 nínú 100 ló ní àwọn ń ríra ní gbogbo ìgbà. Nǹkan bíi 28 ní àwọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríra rárá. Àwọn tó kù, tí wọ́n ju ìdajì lọ, ń rí ẹni náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro: ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀, ìwọ náà ti gbọ́ ọ. Ẹni tó wà lágbo mìíràn ló gbọ́ ohun tí agboolé tìrẹ ò gbọ́. N'Íbàdàn níbi tí ọmọbìnrin yìí wà, kò sí ẹnì kan nínú àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ tó mọ ohun tí yàrá ìṣọ́ jẹ́.

Kí ẹ má rò pé mo gbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà ti kọ irú ímeèlì àwọn 18 yẹn rí. Nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo kọ̀wé sí ẹnì kan tó ṣe ìwé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó gùn bí ìwé ìpè ìgbéyàwó, mo yìn ín láti orí dé àtàǹpàkò, mo so síífí mọ́ ọn. Kò dá mi lóhùn. Mo tún un fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀dà kan náà, bí ẹni pé kò gbọ́ àkọ́kọ́ ni. Nígbà tí mo rí i he nínú àwọn ímeèlì àtijọ́ mi, mo kà á títí, n ò sì lè fi ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ ìwé tí mo kà.

Ọmọbìnrin yìí náà kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, àmọ́ kò bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. Ó ní ìlà tí mo fún òun ti jí òun lẹ́ẹ̀mejì lásán. Lóru, ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀, dísíìkì á máa kún kíákíá, tí ilẹ̀ bá fẹ́ mọ́ á pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́, àyè á sì padà. Ìlà náà ò mọ̀ pé ilẹ̀ ń bọ̀ wá mọ́. Ó wá fi kún un pé kó má pe òun àfi bí àyè tó kù gan-an bá tún ti dín sí 20 nínú 100, láti ìgbà náà ó ń sùn. Ìlà mẹ́rin ni ímeèlì náà.

Ìgbà tí mo ka èyí ni mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń darí yàrá ìṣọ́. Ó bi mí pé síífí rẹ̀ dà? Mo ní kó kọ́kọ́ ka èyí ná. Wọ́n pè é fún íntáfíù, wọn ò sì gbà á, torí ẹni tó ń gbé l'Ékòó tó lè dé ṣíìfù òru ni wọ́n ń wá, ó sì wà n'Íbàdàn. Ní oṣù kẹrin, àyè mìíràn ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀ka wọn n'Íbàdàn, ọ̀rẹ́ mi ló sì pe èmi, ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà "ọmọ dísíìkì yẹn".

Ní ti ọ̀rọ̀ mi, mo ti tún un ṣe. Sílàìdì kan ti wà níbẹ̀ báyìí lórí garawa àti ẹ̀rọ omi, pẹ̀lú 31 àti 2 rẹ̀ lókè. Mo bi í bóyá kí n kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ní kí n dúró kí òun pé ọdún kan níbi iṣẹ́ ná.